9 nínú 15: ohun tí nọ́ọ̀sì ń wò kó tó kọ GCS

Bí wọ́n bá gbé ẹni tó fi orí gbálẹ̀ dé wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, kì í pẹ́ tí iye kan fi máa ń hàn lórí ṣáàtì rẹ̀, bíi "GCS 9/15". GCS, ìyẹn Glasgow Coma Scale, ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí iyè aláìsàn ṣe pé tó. Ẹbí tó bá yọjú wò ó lè fi ojú ìdánwò ilé ìwé wò ó: 9 nínú 15, ó ṣáà ti ju ìdajì lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òṣùwọ̀n yìí kò ní òdo. Òkú pàápàá, bí wọ́n bá díwọ̀n rẹ̀, 3 ni yóò gbà, torí pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà wò ó, 1 ló sì kéré jù lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fi orí ṣèṣe tó sì gba 8 tàbí kó dín sí i, wọ́n kà á sí ẹni tí ọgbẹ́ orí rẹ̀ le gan-an. 9 sí 12 wà láàárín. 13 sí 15 ni wọ́n ń pè ní fífúyẹ́, "fífúyẹ́" yẹn sì máa ń tan èèyàn jẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta tí mo wí ni ojú, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọwọ́. Lórí ṣáàtì, E ni ojú, ó ní máàkì 4. V ni ọ̀rọ̀, ó ní 5. M ni bí ara ṣe ń mira, ọwọ́ ni wọ́n sì máa ń wò jù níbẹ̀, ó ní 6. Ìgbà tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló di 15. Dókítà méjì ní ìlú Glasgow, nílẹ̀ Sìkọ́tíláńdì, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, ló gbé e jáde ní 1974. Kó tó dìgbà náà, dókítà kan á kọ pé aláìsàn "ń tòògbé", èkejì á kọ pé "kò mọ ara rẹ̀ dáadáa", ẹni tó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lálẹ́ kò ní mọ̀ bóyá ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, tàbí bóyá ara aláìsàn ti yí padà. Àwọn méjì yìí ní kí a fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ká máa kọ ohun tí ojú rí: kí ló mú kó lajú? Kí ló sọ? Kí ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, 5 ni máàkì ọwọ́, àròpọ̀ sì jẹ́ 14. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n pín kíká ọwọ́ sí méjì, tó fi di 15.

Kí nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀, ó ní láti wo ohun tó lè dí òun lọ́wọ́. Ṣé etí aláìsàn ń gbọ́? Èdè wo ló gbọ́? Ṣé ojú rẹ̀ ti wú débi pé kò lè là? Ṣé túùbù wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ṣé wọ́n ti fún un ní oògùn oorun, ṣé apá rẹ̀ ló ṣẹ́? Lójú kan náà, wọ́n á rí i pé afẹ́fẹ́ ń wọlé fún un dáadáa, wọ́n á wo ìfúnpá rẹ̀, wọ́n á sì gún un ní ìka láti wo súgà ẹ̀jẹ̀. Súgà tó wálẹ̀ jù lè mú kí ẹni tí orí rẹ̀ kò fara pa rárá gba 6, bí súgà bá sì wọ iṣan rẹ̀, ó lè dìde jókòó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kó máa béèrè ibi tí òun wà. Ẹni tí kò bá wo súgà kó tó gbà pé ọpọlọ ló fara pa ti lè fi àkókò iyebíye ṣòfò.

Ojú ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Bí nọ́ọ̀sì bá dé ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì tí aláìsàn ti lajú fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè é, 4 nìyẹn. Bí ó bá di ojú, nọ́ọ̀sì á pè é ní ohùn tó mọ níwọ̀n, lẹ́yìn náà á pariwo: "Bọ̀dá, ẹ gbọ́ mi? Ẹ lajú yín!" Bó bá lajú nítorí ohùn yẹn, 3 ni. Bí kò bá là á, nọ́ọ̀sì á fi bíró tẹ ẹ̀gbẹ́ èékánná ìka rẹ̀, á máa fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Bó bá là á nígbà yẹn, 2. Bí kò bá là á rárá, tí kò sì sí nǹkan tó dí ojú náà, 1. Èékánná ló dára láti tẹ̀ fún ojú, torí bí wọ́n bá tẹ egungun òkè ojú, ìrora á mú un fún ojú pọ̀, nọ́ọ̀sì á sì kọ 1 fún ẹni tí ì bá lajú. Ẹ sì jẹ́ kí ó yé wa pé ojú lílà kò túmọ̀ sí pé iyè wà níbẹ̀: àwọn kan wà tí ojú wọn là gbalaja tí wọn kò mọ ẹni tó dúró níwájú wọn.

Ní ti ọ̀rọ̀, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè: orúkọ rẹ̀, ibi tó wà, àti oṣù tàbí ọdún tí a wà. Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa gba 5. Bó bá ń sọ gbólóhùn tó já geere ṣùgbọ́n tí ìdáhùn rẹ̀ ṣì, bí ẹni pé ó wà nílé bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, 4 ni. Ẹni tó kàn ń ju ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, "omi", "màámi", èébú, tí kò so mọ́ra wọn, gba 3. Ẹni tó ń kérora láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ gba 2. Ẹni tó dákẹ́ gba 1.

Ibí yìí ni èdè ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ nílé wa. Màmá ẹni àádọ́rin ọdún tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ, bí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi í ní oṣù tí a wà, tó wá ń fèsì tí kò bá ìbéèrè mu, 4 tàbí 3 ni wọ́n á kọ fún un, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ pé ju ti ẹni tó ń bi í lọ. Ìbéèrè ní láti wà lédè tí aláìsàn gbọ́, nípa ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kì í ka oṣù òyìnbó lè dáhùn bóyá àárọ̀ ni tàbí alẹ́, bóyá ìgbà òjò ni tàbí ọ̀gbẹlẹ̀, ọjọ́ wo ni ọjà wọn. Nọ́ọ̀sì tó bá lo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè béèrè ohun kan náà.

Ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, òun náà ló ń sọ jù nípa ibi tí ọpọlọ dé. Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ rán an níṣẹ́: "Ẹ di ọwọ́ mi mú." Bó bá dì í mú, iṣẹ́ kò tíì parí. Ọwọ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa lè di nǹkan tó bá kàn án mú fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tuntun ṣe ń di ìka mú. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi ní apá kejì: "Ó yá, ẹ fi sílẹ̀." Tàbí: "Ẹ la ẹnu, ẹ yọ ahọ́n síta." Ẹni tó ṣe méjèèjì gba 6. Ẹbí tó ń sọ pé "ó di ọwọ́ mi mú, ó gbọ́ mi" kò parọ́ o, àmọ́ apá kejì ni kí wọ́n fi dán an wò.

Bí kò bá jíṣẹ́, ìrora ló kù. Wọ́n á tẹ èékánná lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á fi àtàǹpàkò àti ìka méjì fún ẹran tó wà láàárín ọrùn àti èjìká pọ̀, tàbí kí wọ́n tẹ kòtò kékeré tó wà létí egungun òkè ojú, níbi tí kò bá sí egungun ojú tó ṣẹ́. Bí aláìsàn bá gbé ọwọ́ kọjá egungun tó dábùú ìsàlẹ̀ ọrùn, tó ń wá ọwọ́ tó ń dùn ún láti tì í dànù, 5 ni. Ó ti mọ ibi tí ìyà ti ń bọ̀. Bó bá kàn ká igunpá kíákíá, tó fa ọwọ́ sẹ́yìn ṣùgbọ́n tí kò wá ibi tó ń dùn ún, 4. Bí ọwọ́ náà bá rọra ká wá sórí àyà, tí ọrùn ọwọ́ tẹ̀, tí àtàǹpàkò há sínú ìkúùkù, tí ẹsẹ̀ sì nà gbọọrọ, tó sì ń ṣe bákan náà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, 3 ni. Bí igunpá bá nà jáde dípò kó ká, tí apá le gbandi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, 2. Bí nǹkan kan kò bá mì, 1.

Láàárín 5, 4 àti 3 ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wáyé. Ẹni tó tẹ èékánná nìkan kò lè rí 5 dáadáa, torí pé fífa ìka kúrò ni ohun tó yá jù fún ẹnikẹ́ni, á wá kọ 4 fún ẹni tí ì bá gbé ọwọ́ dé ọrùn. Ẹni tó sì ń fi ìkúùkù gbo egungun àyà, àṣà tó ṣì wà ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, á rí ọwọ́ tó ká wá sórí àyà, kò sì ní mọ̀ bóyá ó ń wá ibi tó ń dùn ún ni, tàbí ó kàn ká lásán. Yàtọ̀ sí pé ó ń bó awọ àyà. Àwọn tó ni òṣùwọ̀n yìí gan-an kò gbà á nímọ̀ràn. Wọn kì í fi ẹsẹ̀ gba máàkì pẹ̀lú, torí pé ọ̀pá ẹ̀yìn nìkan lè fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn láìjẹ́ pé ọpọlọ mọ̀ sí i. Bí ọwọ́ ọ̀tún àti òsì bá sì ṣe ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó dára jù ni wọ́n ń kọ sí GCS, wọ́n á wá kọ àléébù ọwọ́ kejì sí ààyè tirẹ̀. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ tí gbogbo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, iyè rẹ̀ lè pé pérépéré: ahọ́n ni kí wọ́n ní kó yọ.

Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọlọ́kadà kan tí kò dé akoto ṣubú ní aago méje alẹ́, ó fi ẹ̀bátí ọ̀tún gbálẹ̀. Aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n gbé e dé. Ó lajú, ó ń sọ̀rọ̀, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó ní gáréèjì ni òun wà, ó sì ń bínú pé kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ òun. Ó di ọwọ́ mú, ó fi sílẹ̀. E4 V4 M6, 14 nìyẹn. Súgà rẹ̀ dára, ọmọlójú méjèèjì ṣe déédéé, iná tọ́ọ̀ṣì sì ń mú wọn sún kì. Ògógóró ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹnìkan á ti sọ pé ọtí ni, ẹ jẹ́ kó sùn.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n tún wò ó. Ó ti di ojú. Níwọ̀n bí ilẹ̀ ti ṣú, oorun lásán lè mú un, nítorí náà ni nọ́ọ̀sì ṣe kọ́kọ́ jí i dáadáa kó tó fún un ní máàkì. Ó lajú nígbà tí wọ́n pè é, ó tún dì í. Wọ́n tún pè é, ó tún là á, ó tún dì í. E3 V4 M6, 13. Máàkì kan péré ló yàtọ̀, síbẹ̀ nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pe dókítà. Ọtí máa ń fúyẹ́ bí àkókò bá ṣe ń lọ. Ẹni tí ọtí ń pa, tí kò mu òmíràn, kò yẹ kí máàkì rẹ̀ máa wálẹ̀. Nínú ìlànà àjọ NICE tí wọ́n ń lò ní ìlú ọba, ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tíì pé 15, gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n ń wò ó. Bí máàkì bá sì fi 1 dín tí kò padà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, dókítà gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kíákíá, pàápàá bó bá jẹ́ ti ọwọ́ ló dín. Bó bá jẹ́ ti ọwọ́ ló fi 2 dín, tàbí tí ti ojú tàbí ti ọ̀rọ̀ fi 3 dín, kò sí ìdúró kankan níbẹ̀.

Aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Pípè kò jí i mọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ èékánná, ó lajú, ó kérora. Nígbà tí wọ́n fún ẹran èjìká rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún gbéra, ó tì wọ́n dànù. Ti òsì kàn ká díẹ̀. E2 V2 M5, 9. Ọmọlójú ọ̀tún ti fẹ̀, iná kò sì mú un sún kì mọ́. Gbogbo èyí ń tọ́ka sí ibì kan náà. Egungun ẹ̀bátí tín-ín-rín, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bó bá já, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sí àárín agbárí àti awọ ọpọlọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ààyè díẹ̀ ṣì wà, aláìsàn á máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí ààyè bá tán, ẹ̀jẹ̀ á ti ọpọlọ sí ìsàlẹ̀, á tẹ iṣan tó ń darí ọmọlójú lápá ibẹ̀, apá ara òdìkejì á sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ. Ohun tó kù láti ṣe kò ju kí wọ́n dáàbò bo ọ̀nà èémí, gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀, fún un ní oògùn tó ń mú wíwú ọpọlọ wálẹ̀ bíi mánítọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì sáré gbé e lọ sí síkáànì, kó ti ibẹ̀ lọ sí tíátà. Láti 2018 ni Teasdale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní kí wọ́n máa yọ máàkì kan fún ọmọlójú kọ̀ọ̀kan tí kò bá dá iná lóhùn. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, 9 ọkùnrin yìí di 8.

Ẹ kíyè sí i pé nígbà tó ṣì ní 14, inú àwọn tí wọ́n ń pè ní fífúyẹ́ ló wà. Ohun tó fi í hàn ni pé wọ́n kọ ojú, ọ̀rọ̀ àti ọwọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú aago. Ẹni tó kọ àròpọ̀ nìkan ti sọ èyí tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ nù. Ẹ wo 11: E4 V1 M6 jẹ́ 11, ó lè jẹ́ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, tó ń wò yín, tó ń jíṣẹ́ tí ẹ rán an, tó sì mọ gbogbo ohun tó ń lọ. E3 V3 M5 náà jẹ́ 11, iyè ti onítọ̀hún sì ti ń lọ gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin tí gbogbo wọ́ọ̀dù mọ̀, pé 8 ti tó túùbù. Òótọ́ ló wà nínú rẹ̀, torí pé ẹni tó bá wálẹ̀ dé ibẹ̀ nítorí ọgbẹ́ orí kì í sábà lè dáàbò bo ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀ mọ́, èébì tàbí itọ́ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí gìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, tàbí tí súgà rẹ̀ wálẹ̀, lè gba 8 kó sì jí láìpẹ́. Ọlọ́kadà wa tó ń wálẹ̀ láti 14 sí 9 láàárín wákàtí kan lè nílò túùbù kó tó dé 8.

Ibi tí wọn kò bá lè dán wò, NT ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Wọn kì í kọ 1. Ẹni tí túùbù wà lọ́fun rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ wú pa kò lè lajú, 1 sì túmọ̀ sí pé wọ́n dán an wò tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bí NT bá ti wà níbì kan, kí wọ́n má ṣe àròpọ̀ rárá. Ọmọ tí kò tíì mọ̀rọ̀ sọ náà, wọ́n ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Blantyre, tí wọ́n ṣe ní Màláwì fún àwọn ọmọ tí ibà ẹ̀fọn wọ ọpọlọ wọn. Òun ní òdo, 5 ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá ní ibà, tí máàkì rẹ̀ kò sì tó 3 níbẹ̀, wọ́n á fura pé ibà ti wọ ọpọlọ rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé èèyàn yín dé wọ́ọ̀dù, àwọn ohun kan wà tí ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ, wọ́n sì ń yí máàkì padà: aago tó sọ̀rọ̀ tó já geere kẹ́yìn, bóyá ó dákú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó wá jí, èdè tó gbọ́, bóyá etí rẹ̀ di, bóyá àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un rí, bóyá ó ní wárápá tàbí ìtọ̀ súgà, oògùn tó ń lò, pàápàá èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, àti bóyá iyè rẹ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí ogbó. Ẹ sọ nípa ojú pẹ̀lú. Ọmọlójú tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí, tàbí tí wọ́n kán oògùn sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, lè fẹ̀ kó má sì dá iná lóhùn láìsí ẹ̀jẹ̀ kankan lábẹ́ agbárí.